Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí M-tẹ́ẹ̀sì: ìgbà wo la lè gbé límíìtì wọ inú àròpọ̀ aláìlópin?

Kí gan-an ni M-tẹ́ẹ̀sì ń sọ?

Ká ní ẹ ní síríìsì fọ́ńṣọ̀n, f₁(x) + f₂(x) + f₃(x) + …, tí x sì ń rìn nínú àgbègbè kan tá a máa pè ní E. Fún n kọ̀ọ̀kan, ẹ wá nọ́ńbà kan, M_n, tí |f_n(x)| ò ní kọjá láéláé, ibi yòówù kí x wà nínú E. M_n yìí dà bí òrùlé lórí ẹyọ n, x lè rìn síwá sẹ́yìn lábẹ́ ẹ̀ bó ṣe wù ú, kò lè yọrí jáde. Tí ẹ bá wá ro gbogbo òrùlé yẹn pọ̀, tí ΣM_n já sí nọ́ńbà tó lópin, Σf_n(x) kọnfáàjì yúnífọ́ọ̀mù lórí gbogbo E nìyẹn. Karl Weierstrass ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe tẹ́ẹ̀sì yìí.

M_n ò gbọ́dọ̀ ní x nínú o. Nọ́ńbà lásán ni, n nìkan ló lè máa yí i padà. Mo ń sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ torí pé ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, a ṣì máa padà sórí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Síríìsì mi kọnfáàjì ní gbogbo x, ṣé ìyẹn ò tó láti pààrọ̀ ipò límíìtì àti àròpọ̀ ni?

Kò tó. Cauchy kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ ní 1821 pé tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ fọ́ńṣọ̀n tí kì í fò láti ibì kan síbòmíì, àròpọ̀ wọn náà ò ní fò. Abel wá mú síríìsì kan jáde ní 1826 tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: sin x − (sin 2x)/2 + (sin 3x)/3 − … Láàárín −π àti π, x/2 ni síríìsì yìí já sí, torí náà bí x bá ń sún mọ́ π láti apá òsì, àròpọ̀ ń sún mọ́ π/2. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ mú límíìtì ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òdo ni gbogbo wọn ń lọ torí pé sin nπ = 0, àròpọ̀ òdo sì ni òdo. Ọ̀nà kan fún yín ní π/2, ìkejì fún yín ní 0.

Ohun tó fà á ni pé bí x ṣe ń sún mọ́ π, iye ẹyọ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rò pọ̀ kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ìdáhùn ń pọ̀ sí i ṣáá, kò sí iye kan pàtó tó tó fún gbogbo x. Ohun tí yúnífọ́ọ̀mù ń sọ ni pé N kan ṣoṣo wà tó tó fún gbogbo x pọ̀: tẹ́ ẹ bá ti ro ẹyọ N àkọ́kọ́, ìrù tó kù kéré sí ε ní ibi gbogbo nínú E lẹ́ẹ̀kan náà. M-tẹ́ẹ̀sì ń fún yín ní èyí ní tààràtà, torí pé ìrù síríìsì yín ò lè tóbi ju ìrù ΣM_n lọ, ìrù ΣM_n ò sì mọ x rárá.

Báwo ni màá ṣe wá M_n? Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i.

Ẹ máa wá ibi tí |f_n(x)| ti ga jù lórí E, ibẹ̀ ni òrùlé tó dáa jù wà. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí a máa lò fún ìyókù ọ̀rọ̀ yìí: f_n(x) = x/(n(1 + nx²)), x lè jẹ́ nọ́ńbà gidi yòówù. Kálíkúlọ́ọ̀sì lásán ni, ẹ mú dẹrifétíìfù x/(1 + nx²), ohun tẹ́ ẹ máa rí lókè ìlà ni 1 − nx², ó di òdo nígbà tí x = 1/√n. Ẹ fi sípò ẹ̀, x/(1 + nx²) á di 1/(2√n). Apá x tó wà nísàlẹ̀ òdo náà rí bákan náà, àmì nìkan ló yàtọ̀. Torí náà M_n = 1/(2n√n), ìyẹn ìdajì 1/n^(3/2), a sì mọ̀ pé Σ1/n^p kọnfáàjì nígbà tí p bá ti ju 1 lọ. Níbí p jẹ́ 1.5. Síríìsì náà kọnfáàjì yúnífọ́ọ̀mù lórí gbogbo nọ́ńbà gidi.

Ọ̀nà kúkúrú tí mo fẹ́ràn ju dẹrifétíìfù lọ ni pé 1 + nx² kì í kéré sí 2√n|x|, torí pé (1 − √n|x|)² ò lè wà nísàlẹ̀ òdo. Ẹ pín |x| fún un, 1/(2√n) náà ló máa jáde.

Kì í ṣe dandan kí òrùlé kan orí gan-an o. Tẹ́ ẹ bá rí òrùlé tó ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ àmọ́ tí àròpọ̀ ẹ̀ ṣì lópin, ẹ lò ó, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ó ti kọnfáàjì yúnífọ́ọ̀mù báyìí, kí ló wá fún mi láṣẹ láti gbé límíìtì wọlé?

Ẹ ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, á yé yín ju kẹ́ ẹ ka ẹ̀rí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Síríìsì tòkè yìí náà la ń lò, a fẹ́ mọ límíìtì S(x) = Σ x/(n(1 + nx²)) nígbà tí x ń lọ sí 0. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń lọ sí 0, a fẹ́ fi dájú pé S(x) náà ń lọ sí 0. Ká ní ẹnì kan ní ká fi hàn pé ó lè kéré sí 0.1.

A pín in sí méjì. Ìrù tó wà lẹ́yìn ẹyọ N ò lè ju àròpọ̀ 1/(2n√n) fún gbogbo n tó ju N lọ, íntígírà sì sọ fún wa pé ìyẹn ò ju 1/√N. Ẹ mú N = 400, ìrù ò lè ju 1/20, ìyẹn 0.05, fún gbogbo x pátápátá. Ó wá ku ẹyọ 400 àkọ́kọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú wọn ò ju |x|/n, àròpọ̀ 1/n láti 1 dé 400 sì kéré sí 7, torí náà gbogbo wọn lápapọ̀ kéré sí 7|x|. Tí |x| bá kéré sí 0.007, 7|x| kéré sí 0.05. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, S(x) kò tó 0.1. Tí ẹni yẹn bá ní 0.001 lòun fẹ́, ẹ mú N tó tóbi sí i, ẹ sún x mọ́ 0 sí i.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn: a kọ́kọ́ yan N láìtíì sọ̀rọ̀ nípa x rárá, ìgbà tí N ti dúró sójú kan la tó wá lọ sún x. Ẹyọ tó lópin ló kù nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn pé a lè gbé límíìtì wọ inú àròpọ̀ ẹyọ 400. Tí N bá ń yí padà bí x ṣe ń yí padà, ẹ ò ní ríbi dúró sí láti ṣe ìpín kejì. Iṣẹ́ tí yúnífọ́ọ̀mù ń ṣe nínú ẹ̀rí yìí nìyẹn, kò ní iṣẹ́ míì.

Mo rí òrùlé kan tí àròpọ̀ ẹ̀ lópin, àmọ́ x wà nínú ẹ̀. Ṣé kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ wo síríìsì tó jọ tòkè gan-an, àyípadà kékeré ló wà níbẹ̀: g_n(x) = x/(1 + n²x²), x ju 0 lọ. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé x/(1 + n²x²) ò ju x/(n²x²), ìyẹn 1/(n²x), Σ1/n² sì lópin, ó tán. Òótọ́ ni pé ohun tó kọ yìí fi hàn pé síríìsì náà kọnfáàjì ní x kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí x bá ń lọ sí 0, òrùlé 1/(n²x) yẹn ń gòkè lọ sí àìlópin, kò dúró síbì kan, torí náà kì í ṣe M_n.

Ẹ wá òrùlé gidi. Ibi tí g_n ti ga jù ni x = 1/n, ó sì ga tó 1/(2n) níbẹ̀. Òrùlé tó kéré jù tẹ́ ẹ lè rí ni 1/(2n), Σ1/(2n) ò sì lópin. M-tẹ́ẹ̀sì kọ̀ nìyẹn, kò sì sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i torí pé òrùlé tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ ò sí.

Ṣé ó wá ṣe nǹkan kan sí límíìtì? Ó ṣe nǹkan gan-an. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń lọ sí 0 nígbà tí x ń lọ sí 0, ẹni tó bá gbé límíìtì wọlé á kọ 0. Ẹ fi íntígírà há àròpọ̀ náà sáàárín: x/(1 + t²x²) ń lọ sílẹ̀ bí t ṣe ń pọ̀, torí náà àròpọ̀ náà ò lè kéré sí íntígírà láti 1 lọ sí àìlópin, kò sì lè ju íntígírà láti 0 lọ sí àìlópin. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ π/2 − arctan x, ìkejì jẹ́ π/2. Ẹ jẹ́ kí x lọ sí 0, méjèèjì pàdé ní π/2. Bí 1.57 ni ìdáhùn, kì í ṣe 0.

Ibo ni 1.57 yẹn ti wá nígbà tí gbogbo ẹyọ ń kú? Fún x kékeré, àwọn ẹyọ tí n wọn wà nítòsí 1/x ló gbé gbogbo ìwúwo dání. Tí x bá jẹ́ 0.01, àwọn tó wà nítòsí 100 ni, tí x bá di 0.0001, wọ́n ti sá lọ sítòsí 10000. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré lóòótọ́, àmọ́ wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń sún sẹ́yìn ṣáá, tẹ́ ẹ bá gé ìrù síbì kankan wọ́n á ti kọjá síbẹ̀. Bí ìwúwo ṣe ń sá lọ sínú ìrù báyìí ni M_n gidi máa ń dí.

Mo fi kọ̀ǹpútà ro síríìsì yẹn, 0 ló ń fún mi bí x ṣe ń kéré. Ta ló tọ̀nà?

π/2 ló tọ̀nà, kọ̀ǹpútà ò sì purọ́, ohun míì lẹ ní kó rò. Ẹ wo èyí:

```
for x in [1, 0.1, 0.01, 1e-6, 1e-9]:
    print(x, sum(x/(1+n*n*x*x) for n in range(1, 10**6)))
```

Fún mẹ́ta àkọ́kọ́ ẹ máa rí bí 1.077, 1.521 àti 1.566, ó ń gòkè lọ sí 1.5708 bó ṣe yẹ. Ní 1e-6 ó já wálẹ̀ sí bí 0.785, ní 1e-9 ó di bí 0.001. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ gé síríìsì náà sí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ẹyọ, ìwúwo sì ti sá kọjá ibẹ̀, ní x = 1e-9 nítòsí ẹyọ bílíọ̀nù kan ló wà. Fún x kékeré, àròpọ̀ N ẹyọ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ arctan(Nx), tí N bá dúró tí x sì ń lọ sí 0, òdo nìyẹn máa ń dà.

Torí náà kẹ́ ẹ tó gba nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún yín gbọ́, ẹ sọ N di ìlọ́po mẹ́wàá láì yí x padà. Tí ìdáhùn bá yí padà gan-an, ẹ ò tíì ro síríìsì náà tán. Fún síríìsì àkọ́kọ́, x/(n(1 + nx²)), ẹ ò nílò gbogbo èyí torí M-tẹ́ẹ̀sì ti sọ fún yín ṣáájú pé ìrù ò ju 1/√N, x yòówù kẹ́ ẹ mú.

Tí M-tẹ́ẹ̀sì bá kọ̀, ṣé ó ti dájú pé síríìsì náà ò kọnfáàjì yúnífọ́ọ̀mù?

Rárá o. Ó lè kọ̀ kí síríìsì náà ṣì dáa. Ẹ mú Σ(−1)ⁿ/(n + x²) láti n = 1, lórí gbogbo nọ́ńbà gidi. Òrùlé tó kéré jù fún ẹyọ n ni 1/n, ní x = 0, Σ1/n ò sì lópin. Àmọ́ àmì ń yí padà láti ẹyọ dé ẹyọ, ìwọ̀n wọn sì ń kéré sí i, torí náà ìrù lẹ́yìn ẹyọ N ò lè ju ẹyọ tó tẹ̀ lé e lọ, ìyẹn ò sì ju 1/(N + 1), x yòówù. Yúnífọ́ọ̀mù nìyẹn, ẹ lè gbé límíìtì wọlé láìsí wàhálà.

M-tẹ́ẹ̀sì ò wo àmì rárá, bí ẹni pé gbogbo ẹyọ ló ń ti síríìsì síbì kan náà ló ṣe ń wò ó. Nígbà tó jẹ́ pé plọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì ń pa ara wọn rẹ́ ni síríìsì yín ṣe kọnfáàjì, ẹ má wulẹ̀ lò ó, ẹ wá òdiwọ̀n ìrù fúnra ẹ̀.

Ó kọ̀ lórí gbogbo àgbègbè, àmọ́ pọ́ìntì kan ṣoṣo ni mo ń wá límíìtì sí. Ṣé mo lè gé àgbègbè náà kù?

Ẹ gé e. Límíìtì sí pọ́ìntì c ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tó jìnnà sí c, àyíká c nìkan ló ṣe kókó. Ẹ padà sí x/(1 + n²x²) yẹn, tó bá jẹ́ pé x ń lọ sí 3 lẹ fẹ́, ẹ mú E láti 2 dé 4. Níbẹ̀, ẹyọ n ò ju 1/(n²x), x ò sì kéré sí 2, torí náà M_n = 1/(2n²), iṣẹ́ parí. Síríìsì kan náà tó ń ṣini lọ́nà nítòsí 0 ló wá rọrùn nítòsí 3.

Ohun tẹ́ ẹ ò lè ṣe ni kẹ́ ẹ gé pọ́ìntì tẹ́ ẹ ń lọ kúrò. Ẹnì kan á sọ pé fún gbogbo c tó ju 0, M-tẹ́ẹ̀sì ṣiṣẹ́ lórí ibi tí x ò ti kéré sí c, torí náà ó ṣiṣẹ́ lórí gbogbo x tó ju 0 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. M_n ibẹ̀ ni 1/(n²c), bí c bá ń kéré, M_n ń tóbi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bo gbogbo ibi tó wà nítòsí 0.

Ṣé ó ṣiṣẹ́ nígbà tí x ń lọ sí àìlópin?

Ó ṣiṣẹ́, ẹ̀rí yẹn ò yí padà. Ẹ wo Σ x²/(1 + n²x²) fún x tó ju 0. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré sí 1/n², ẹ mú ìyẹn ní M_n. Bí x ṣe ń lọ sí àìlópin, ẹyọ n ń lọ sí 1/n², torí náà àròpọ̀ ń lọ sí Σ1/n², tó jẹ́ π²/6, bí 1.645.

Mo ti fi M-tẹ́ẹ̀sì yege, ṣé mo lè mú dẹrifétíìfù ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà?

Ìyẹn ò tó. Σ sin(nx)/n² yege lórí gbogbo x pẹ̀lú M_n = 1/n². Ẹ mú dẹrifétíìfù wọn, Σ cos(nx)/n ló máa jáde, ní x = 0 ìyẹn di Σ1/n, kò lópin. Síríìsì dẹrifétíìfù lẹ gbọ́dọ̀ fi M-tẹ́ẹ̀sì yẹ̀ wò fúnra ẹ̀, kì í ṣe síríìsì tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Nínú tèmi, kò sí x tó ń rìn, n ló ń lọ sí àìlópin, n sì tún wà nínú ẹyọ àti lókè àròpọ̀. Ṣé M-tẹ́ẹ̀sì wúlò níbẹ̀?

Ó wúlò gan-an, tíórẹ́ẹ̀mù Tannery ni wọ́n ń pè é nígbà tó bá wọ aṣọ yìí. Ẹ kàn máa rí n bí x tó ń rìn lórí 1, 2, 3, … lọ sí àìlópin, kẹ́ ẹ fi k ka ẹyọ. Ẹyọ tí k ẹ̀ bá ju n lọ, ẹ kà á sí 0, gbogbo àròpọ̀ á wá di aláìlópin lójú yín.

Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù ni (1 + x/n)ⁿ, x dúró sójú kan. Tẹ́ ẹ bá tú u, ẹyọ k jẹ́ (xᵏ/k!) · (1 − 1/n)(1 − 2/n)…(1 − (k−1)/n). Àwọn nǹkan inú àkámọ́ yẹn wà láàárín 0 àti 1, torí náà ẹyọ k ò lè ju |x|ᵏ/k!, n yòówù. Ìyẹn ni M_k, n ò sí nínú ẹ̀, àròpọ̀ ẹ̀ sì jẹ́ e^|x|, ó lópin. Ẹ gbé límíìtì wọlé, àkámọ́ kọ̀ọ̀kan di 1, ẹyọ k di xᵏ/k!, àròpọ̀ di eˣ.

Tẹ́ ẹ bá fo ibi òrùlé yẹn, ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀: ẹ ro 1/n pọ̀ lọ́nà n, k láti 1 dé n. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń lọ sí 0, àmọ́ àròpọ̀ jẹ́ 1 nígbà gbogbo. Ẹyọ k ga jù nígbà tí n = k, 1/k ni òrùlé ẹ̀, Σ1/k ò sì lópin.